Báńkì, Sìmẹ́ńtì, Rédíò àti Oko Lábẹ́ Ẹgbẹ́ Kan: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Èkìtì

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lẹ́bàá Adó-Èkìtì kò rí owó yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àsìkò owó iléèwé ni. Ẹ̀yáwó tí àwọn ènìyàn ti béèrè tó mílíọ̀nù 9 náírà, ohun tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ ní báńkì kò ju mílíọ̀nù 2 lọ. Bẹ́ẹ̀, oṣù tó ṣáájú ni akápò ka ìwé owó ọdún sétí gbogbo wọn, tó ní ẹgbẹ́ jèrè mílíọ̀nù 4. Àwọn ènìyàn ń bi ara wọn pé èrè wo nìyẹn, tí a kò lè fi san owó iléèwé ọmọ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi tí àwọn kan ń pe akápò ní olè. Ìgbà náà ni wọ́n ní kí n wá yẹ ìwé wọn wò.

Mo yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fẹ́ kí ó hàn gbangba: akápò náà kò jí kọ́bọ̀. Gbogbo owó ló ní ibi tó wà. Ibi tó wà gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.

Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù yòókù. Tísà, télọ̀, oníṣòwò ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ń dá owó lóṣooṣù, wọ́n sì ń yá a lára wọn ní èlé náírà 10 lórí 100 lọ́dún. Nígbà tí wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀yáwó náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń ra sìmẹ́ńtì, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn kò fi ní tà á fúnra wọn. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já tírélà oníbáàgì 600. Èkìtì kò ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ńtì, láti Ọ̀bájànà tàbí láti apá Ògùn ni ọkọ̀ ti ń gbé e wá, nítorí náà ẹni tó bá lówó láti já tírélà odidi ló ń rí èrè níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gba ilẹ̀ ìrẹsì ní ọ̀nà Ìgbẹ́mọ̀. Ní ìkẹyìn, wọ́n ra kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n ń ṣe fídíò ìnáwó, wọ́n sì ń ra àkókò lórí rédíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti polówó ọjà wọn; ẹ̀ka yìí ni wọ́n ń pè ní rédíò.

Ẹni tó bá rí èyí láti òkèèrè lè rò pé ojúkòkòrò ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ènìyàn ń kọ́lé, ìgbà náà ni sìmẹ́ńtì ń yá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi, ọjà sìmẹ́ńtì á dẹwọ́, báàgì tó bá sì pẹ́ nínú ọ̀rinrin á dì gbagidi. Ìgbà òjò yìí kan náà ni ìrẹsì ń fẹ́ owó fún ilẹ̀ títú, ajílẹ̀ àti oko ríro. Owó tí sìmẹ́ńtì kò nílò mọ́ ni oko ń gbà, bí oko bá sì kórè ní oṣù kọkànlá, owó á padà sídìí sìmẹ́ńtì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Ìdí gidi kan tí òwò tó yàtọ̀ síra fi lè gbé pọ̀ nìyí: àkókò tí ọ̀kan ń pa owó ni èkejì ń ná an. Ṣùgbọ́n àwọn tó tò ó kò ka ẹ̀ka kẹta sí i. Ẹ̀yáwó náà ní àkókò tirẹ̀, oṣù kẹsàn-án nítorí iléèwé, àti oṣù Kejìlá nítorí ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án, ìrẹsì ṣì wà ní tútù lóko, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì tíì dé.

Ìpàdé gbogbogbòò tí wọ́n pè lẹ́yìn náà ni mo ti dáhùn ìbéèrè wọn. Bàbá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ọ̀dítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní báńkì, ó ní sìmẹ́ńtì, ó ní ìwé ìròyìn, ó ní oko. Oko ìjọba tó wà ní Ọ̀rìn, ojú mi ló ṣe. Ilé-iṣẹ́ Odù'a ló gba púpọ̀ nínú òwò náà, Èkìtì wa yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Kí ló dé tí tiwọn dúró tí tiwa wó láàárín oṣù kan?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ní in." Owó kòkó tó kù lọ́wọ́ Àjọ Alákòóso Ọjà, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ni orísun rẹ̀. Owó ńlá ló wà ní ojú kan náà nígbà tí kò sí olówó mìíràn nílẹ̀ tó lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kan fi wà nínú gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí 1960, ìpín ni ìjọba ní níbẹ̀. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó mọ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ló wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní ìpín tiwọn, ilé-iṣẹ́ náà sì ní ìwé owó tirẹ̀ àti ìgbìmọ̀ olùdarí tirẹ̀. Ìwé ìròyìn Skẹ́ẹ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964 dá dúró lọ́tọ̀. Báńkì Wẹ́mà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí Báńkì Agbọ́nmágbẹ, ilé-iṣẹ́ lọ́tọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dá Odù'a sílẹ̀ ní 1976, lẹ́yìn tí Ìwọ̀-Oòrùn ti pín sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́, ìwé ìpín ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní púpọ̀ nínú wọn. Kò ta sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, kò sì jókòó sídìí káńtà báńkì. Ó fi owó sílẹ̀ nínú òwò, ó ń retí èrè orí ìpín.

Bàbá béèrè pé, "Ṣé kò sí ìgbà tí wọ́n da owó pọ̀ ni?" Ìbéèrè tó mú ni. Ìgbà kan wà. Ọwọ́ kan náà ló ń darí owó àgbẹ̀ àti báńkì tí owó náà ń lọ, Nàṣánà Báńkì tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1933. Ní 1962, Ìgbìmọ̀ ìwádìí Kókà jókòó lé ìwé àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Báńkì náà lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i, ó wá wọnú Wẹ́mà ní 2005 nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí gbogbo báńkì ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà. Lónìí, òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìwà rere ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ní tó ìpín 5 nínú 100 nínú báńkì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀. Ẹ̀yáwó tí báńkì lè fún ilé-iṣẹ́ tí olùdarí rẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ní gbèdéke. Láti 2010, báńkì gan-an kò lè ní òwò tí kì í ṣe ti báńkì lábẹ́ ara rẹ̀ bí ó ti wù ú. Rédíò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ NBC. Odi wà láàárín yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ yín, yàrá kan ṣoṣo ni.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ọba béèrè pé, "Ọ̀dítọ̀, ta ló ni owó tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn?" Ìbéèrè yìí ló yí gbogbo nǹkan padà, mo sì dúró lórí rẹ̀ pẹ́.

Mílíọ̀nù 48 náírà ni owó ẹgbẹ́ lápapọ̀. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 12 jẹ́ owó ìpín tí ọmọ ẹgbẹ́ ra àti owó ìpamọ́ tí ẹgbẹ́ ti yọ sílẹ̀ nínú èrè ọdún tó ti kọjá. Ti ẹgbẹ́ ni ìyẹn. Bí òwò bá jẹ ẹ́, ó dùn wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wá gbà á lọ́la. Mílíọ̀nù 36 tó kù jẹ́ ìfowópamọ́. Gbèsè ni. Ẹgbẹ́ jẹ ìyá yìí ní owó rẹ̀, ó sì lè wá béèrè fún un nígbàkigbà tí òfin ẹgbẹ́ bá gbà á láyè. Nígbà tí mo wo ibi tí owó wà ní ìparí oṣù kẹjọ, mílíọ̀nù 15 wà lọ́wọ́ àwọn tó yá owó, mílíọ̀nù 2 wà ní báńkì, 17 wà nídìí sìmẹ́ńtì, 11 wà lóko, 3 wà nínú kámẹ́rà àti ẹ̀rọ. Òwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba mílíọ̀nù 31, owó tí ẹgbẹ́ lè fi sòwò kò sì ju 12 lọ. Mílíọ̀nù 19 nínú owó ìfowópamọ́ ti di sìmẹ́ńtì àti ìrẹsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un. Nínú 17 ti sìmẹ́ńtì, mílíọ̀nù 8 gan-an wà lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n gbà á láwìn.

Gbogbo ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì dìde, inú ń bí i. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òun ló ń bọ́ gbogbo wọn: òun mú mílíọ̀nù 3.6 wọlé lọ́dún, oko mú 900,000 péré wá, rédíò pàdánù 600,000. Bí a bá fẹ́ gé nǹkan, ká gé rédíò, ká fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo ní kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi, akápò àti akọ̀wé ṣí ìwé fún òwò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a sì fi òfin méjì sí i. Òwò tó bá lo owó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ san èlé tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san, náírà 10 lórí 100. Òwò tó bá sì ṣe iṣẹ́ fún òmíràn gbọ́dọ̀ kọ iye tí ará ìta ìbá san. A padà lọ ṣe ìṣirò ọdún tó kọjá bẹ́ẹ̀.

Sìmẹ́ńtì kọ́kọ́ san mílíọ̀nù 1.7 fún owó mílíọ̀nù 17 tó ń lò. Ó tún san 700,000 fún ìpolówó tó ti ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí rédíò. Òun náà gba 400,000 lọ́wọ́ oko, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó ajílẹ̀ àti ìrẹsì. Èrè mílíọ̀nù 3.6 di 1.6. Oko san 400,000 yẹn àti èlé mílíọ̀nù 1.1, èrè 900,000 rẹ̀ sì di àdánù 600,000. Rédíò gba owó ìpolówó rẹ̀, ó san èlé 300,000, àdánù rẹ̀ dínkù sí 200,000. Ẹ̀ka ẹ̀yáwó, tí kò sí ẹni tó ń kà á sí òwò rárá, ti ń pa mílíọ̀nù 1.5 lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn òwò yòókù san èlé wọn, ó di 4.6. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mílíọ̀nù 5.4 ni ṣáájú, 5.4 náà ni lẹ́yìn, a yọ 1.4 ti owó ọ́fíìsì, ó ku 4 tí akápò kà. Ìṣirò akápò péye. Ohun tí ìwé kan ṣoṣo náà fi pamọ́ ni ẹni tó ń bọ́ ẹnì kejì. Owó ìyá aláṣọ àti àwọn bíi tirẹ̀ ló ń bọ́ gbogbo wọn, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù náà ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló dábàá ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà: kí òwò má ṣe gba ju owó tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ lọ. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni wọ́n fi ń lé gbèsè àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Bí owó bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń yá àwọn tó ní ọmọ níléèwé, ẹ̀yáwó kékeré ló ṣáájú. Títí di oṣù Kejìlá wọ́n ti gba mílíọ̀nù 5 nínú 8, wọ́n sì dín ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kù ní mílíọ̀nù 5. Ìrẹsì tí wọ́n kórè mú 7 padà. Wọ́n ta kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ní mílíọ̀nù 2, wọ́n sì yọ mílíọ̀nù 1 tó sọnù níbẹ̀ kúrò nínú owó ìpamọ́. Mílíọ̀nù 19 padà síbi tó ti wá. Sìmẹ́ńtì ku 7, oko ku 4, àròpọ̀ 11, gẹ́lẹ́ bí owó tó jẹ́ ti ẹgbẹ́.

Wọ́n lọ bá ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì forúkọ òwò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní àjọ CAC gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó dá dúró, tí ẹgbẹ́ ni ìpín rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó, mílíọ̀nù 7 ni ẹgbẹ́ máa pàdánù, kò ní í wọ inú ìfowópamọ́. Ṣùgbọ́n odi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kí ó tó gbẹ. Alágbàtà kan ní òun lè fún wọn ní tírélà méjì láwìn bí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí ìwé pé òun dúró fún ilé-iṣẹ́ náà. Alága ti mú bírò. Akọ̀wé ló pè mí. Bí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, gbèsè ilé-iṣẹ́ ti di gbèsè ẹgbẹ́, ìwé CAC kò sì ní í gbà wọ́n. Wọn kò fọwọ́ sí i, alágbàtà náà kò sì fún wọn láwìn.

Oṣù Kejì ọdún 2024 ni owó sìmẹ́ńtì fò sókè káàkiri Nàìjíríà, tó fi di pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí náírà 7,000 sí 8,000 fún báàgì kan. Mílíọ̀nù 3 tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, báàgì 600 ni wọ́n kó nígbà tí báàgì jẹ́ 5,000. Nígbà tí wọ́n san án tán, báàgì 375 ló lè rà. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n san gbèsè wọn pé. Bí mílíọ̀nù 8 bá ṣì wà níta ní ọjọ́ náà, ẹ lè fojú inú wò ó.

Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde ní ìpàdé oṣù Kẹta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó lágbára. Ó ní bí a bá ti fi ọjà kún ṣọ́ọ̀bù bí ti tẹ́lẹ̀, èrè tí ẹgbẹ́ ìbá jẹ nínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn ìbá ju ti ọdún kan lọ. Òótọ́ ló sọ, n kò sì jiyàn. Ìdáhùn mi fún un ni pé èrè náà ìbá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n bí owó bá já wálẹ̀ dípò kí ó lọ sókè, owó àwọn tó fi pamọ́ ni ìbá san án, a kò sì bi wọ́n. Bí ó bá fẹ́ kí sìmẹ́ńtì tóbi sí i, kí òun àti àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ ra ìpín kún ìpín. Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ rédíò ló fa awuyewuye jù, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n béèrè pé kí ló dé tí àwọn olówó ńlá fi ń ní ìwé ìròyìn tàbí rédíò bí kò bá mú owó wá. Ohùn ni wọ́n ń rà, àti ipò láwùjọ. Ìdí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi dá tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1959 kò jẹ mọ́ èrè ọjà rárá, ó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé etí ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó bá sì jẹ́ pé àwọn òwò ará ilé rẹ̀ nìkan ló ń polówó níbẹ̀, ó rọrùn jù kí wọ́n ra àkókò lọ́wọ́ ará ìta. Nǹkan tí ẹgbẹ́ ń ṣe nìyẹn báyìí: ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì ń san owó ìpolówó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ti dín in kù sí ìdajì láti ìgbà tó ti ń ti àpò ara rẹ̀ jáde.

Oko nìkan ló ṣì ń kó ọkàn mi sókè. Lórí mílíọ̀nù 4, ó ṣeé ṣe kí ó san èlé rẹ̀ bí òjò bá dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti àgbàṣe kò dínkù bí owó ṣe dínkù. Wọ́n ti gbà pé bí ìkórè méjì bá kọjá láìsan èlé, wọn yóò fi ilẹ̀ náà háyà fún ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ dáko fúnra rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé irú ẹgbẹ́ báyìí wò: ẹ má kọ́kọ́ wo èrè. Ẹ kọ iye ìfowópamọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀yáwó tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó tó wà ní báńkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí méjì ìkẹyìn bá kéré sí ti àkọ́kọ́, òwò ti ń jẹ owó tí kì í ṣe tirẹ̀, bí èrè bá tilẹ̀ kún ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ ti fọwọ́ síwèé pé òun dúró fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìwé yẹn kì í sí nínú ìwé owó. Inú dúrọ́ọ̀ alága ló sábà máa ń wà.